Ṣúgà àárọ̀ mi 94, HbA1c mi 6.1%: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Àbẹ̀kẹ́ béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣúgà àárọ̀ láìjẹun jẹ́ 94 mg/dL, wọ́n ní kò séwu. HbA1c jẹ́ 6.1%, wọ́n ní mo ti dé ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ti ń dárúkọ oògùn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ọdún 41 ni mí. Èwo ló ń parọ́ nínú méjèèjì?

---

Ọmọ Láàbù:

Àbẹ̀kẹ́, má tíì dá ìkankan lẹ́bi. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, irú ìwé èsì bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó tún kan mí lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ṣúgà àárọ̀ ni àyẹ̀wò gidi, torí ṣúgà gan-an ló ń wọ̀n. Àwọn kan á ní HbA1c ló borí, torí ó ń ròyìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ìkejì ń ròyìn àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan.

Lóru, nígbà tó ò jẹun, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà àárọ̀ ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ yẹn ń gbọ́ràn. Ẹlòmíì wà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti jẹun, ṣúgà rẹ̀ á gùn sókè, kò sì ní tètè sọ̀. Àyẹ̀wò àárọ̀ ò ní rí onítọ̀hún láé. HbA1c ní tirẹ̀ kì í wọn ṣúgà rárá. Hẹmoglóbíìnì tí ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ ló ń kà, inú sẹ́ẹ̀lì pupa sì ni hẹmoglóbíìnì ń gbé. Ohunkóhun tó bá ti yí ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ padà á yí èsì náà padà, bí ṣúgà rẹ ò tilẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Torí náà, dáhùn mẹ́ta fún mi. Èló ni hẹmoglóbíìnì rẹ? Ṣé nǹkan oṣù rẹ máa ń pọ̀? Aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, aago mélòó ni láàbù fọwọ́ kàn án, àwọ̀ wo sì ni ọmọrí túùbù tí wọ́n gba ti ṣúgà sí?

---

Tíṣà Àgbà:

Ọmọ Láàbù, o ń fa ọ̀rọ̀ gùn. HbA1c ni kó gbà, kó sì máa ṣọ́ra. Mo ti rí àwọn èèyàn tí wọ́n máa ń jáwọ́ nínú nǹkan dídùn ní ọjọ́ méjì sí àyẹ̀wò, tí wọ́n á wá máa gbé èsì tó dára kiri. Ẹ ò lè fi ọjọ́ méjì tan HbA1c jẹ. Ọmọ ọdún 63 ni mí, tèmi jẹ́ 5.2%. Wọ́n ní ṣúgà àárọ̀ mi jẹ́ 119, mi ò tiẹ̀ kà á sí, torí mo mọ èyí tó ń sọ òtítọ́.

---

Ọmọ Láàbù:

Bàbá, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọjọ́ méjì ò lè mú HbA1c wálẹ̀, ṣúgà àárọ̀ sì máa ń lọ sókè sódò láti ọjọ́ dé ọjọ́ bí ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Ẹni tó rí 98 lónìí lè rí 104 lọ́la. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni oṣù mẹ́ta yẹn. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo bí 120 ọjọ́ kó tó kú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ò ní ìwọ̀n kan náà nínú èsì. Bí ìdajì nọ́ńbà yẹn ló ń wá láti ọgbọ̀n ọjọ́ tó kẹ́yìn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé 120 ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Bí sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan bá ń tètè kú, ṣúgà ò ní ráyè lẹ̀ mọ́ ọn, èsì á kéré. Bí ti ẹlòmíì bá ń pẹ́ láyé, èsì á ga. A ò lè fi ọjọ́ méjì tan HbA1c jẹ, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣì í lọ́nà fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé 119 yín. Ó ń kọ mí lóminú. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Àbẹ̀kẹ́ ná.

---

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo wo ìwé náà, hẹmoglóbíìnì jẹ́ 9.4 g/dL. Nǹkan oṣù mi máa ń tó ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ti rí fáíbúrọ́ìdì lára mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mọ́tò wá kó o lọ sí láàbù, mo ṣì wà níbẹ̀, mo ń dúró de káàdì mi. Túùbù méjèèjì ní ọmọrí elésè àlùkò, ó dá mi lójú, torí mo rò ó pé ṣé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mejì.

---

Ọmọ Láàbù:

Àbúrò mi, nọ́ńbà méjèèjì ló níṣòro. Jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

6.1% ná. Hẹmoglóbíìnì 9.4, nǹkan oṣù tó ń pọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta: ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni pé irin ti tán lára rẹ. Bí irin bá tán, ara ò ní lè ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun tó bó ṣe yẹ. Àwọn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á wá jẹ́ àgbà ju bó ṣe yẹ lọ, àgbà sẹ́ẹ̀lì sì ni ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ jù. Ìyẹn máa ń gbé HbA1c sókè láìsí pé ṣúgà pọ̀. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí irin ṣì wà lára rẹ̀ máa ń ní sẹ́ẹ̀lì ọ̀dọ́ púpọ̀, èsì tirẹ̀ á wálẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni ò fi lè wo ìwé rẹ kó ní irin ló fi 0.3 tàbí 0.5 kún un. A ò lè yọ ọ́ kúrò bí ẹni ń yọ gbèsè. Sọ fún dókítà pé kó jẹ́ kí wọ́n yẹ fẹ́rítíìnì wò, òun ló ń sọ iye irin tó wà nípamọ́ lára. Bó bá wà lábẹ́ 15, irin ti tán nìyẹn.

Ó wá kan 94. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ jáde, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti kúrò lára èèyàn. Ó ṣì ń jẹ ṣúgà nínú túùbù, bí ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí 107 ni wọ́n fà lára rẹ láago méje, ó lè ku bí 100 láago mẹ́jọ, kó ku bí 94 láago mẹ́sàn-án. Túùbù elésè àlùkò dára fún HbA1c, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń dá sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kọ́ nípa ṣúgà. Ọlọ́mọrí àwọ̀ eérú ló ní fúlóráìdì tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́, òun náà kì í sì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: ní wákàtí kan sí méjì àkọ́kọ́, ṣúgà á ṣì máa dín.

Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ráàkì onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ máa ń wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to túùbù sí títí ẹni tó ń kó wọn yóò fi dé. Bó bá fi máa dé, sẹ́ẹ̀lì á ti rì sísàlẹ̀, omi pupa rúsúrúsú á ti yọ lókè. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí nọ́ọ̀sì fa túùbù méjì lápá mi. Mo sáré gbé ọ̀kan sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kí omi rẹ̀ lè yà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, mo fi ìkejì sí ráàkì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 98. Èyí tó jókòó fún wákàtí méjì ààbọ̀ jẹ́ 84. Apá kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà. Mo ronú nípa iye èèyàn tí wọ́n ti sọ fún níbẹ̀ pé kò séwu, inú mi ò dùn fún ọjọ́ púpọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni kó o padà lọ fún ṣúgà nìkan, níbi tí láàbù wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀. Má jẹ ohunkóhun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, omi lásán ni kó o mu. Sọ fún wọn kí wọ́n ya omi ẹ̀jẹ̀ náà kúrò láàárín ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún ọ ní omi gúlúkóòsì, 75 gírámù, kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì gééré. Àyẹ̀wò yẹn ò ka ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì sí rárá, yóò sì jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

---

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà nílé, mo máa ń gún ìka láràárọ̀. Ó ní 108 lánàá, 97 lónìí. Ṣé mo ti wọ ẹnu ọ̀nà yẹn lánàá, mo tún ti jáde lónìí? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni, mi ò sùn dáadáa.

---

Ọmọ Láàbù:

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ sùn. Ọ̀rọ̀ HbA1c là ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín wúlò. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn fún ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà, kó lè máa tọpa ara rẹ̀. Ìlànà ìṣelọ́pọ̀ gbà á láyè láti fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti láàbù. 108 yín lè jẹ́ 95, ó sì lè jẹ́ 120 ó lé. 108 àti 97 lè jẹ́ nǹkan kan náà. A kì í fi í pinnu ẹnu ọ̀nà. Ẹ lọ yẹ ẹ́ wò ní láàbù lẹ́ẹ̀kan.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ béèrè. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé láti 110 ni ṣúgà àárọ̀ ti di ẹnu ọ̀nà. Ní wọ́ọ̀dù, dókítà ní 100 ni. Mo dáhùn 110 nínú ìdánwò, wọ́n fún mi ní máàkì. Mo sọ 110 ní wọ́ọ̀dù, wọ́n bá mi wí.

---

Ọmọ Láàbù:

Ìwọ àti dókítà yẹn lẹ jàre, ìwé tẹ́ ẹ kà ló yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lo 110 sí 125. Ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìtọ̀ ṣúgà náà lo 110 tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 100 ní 2003. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó ní 104 lè lọ sùn láìlárùn lábẹ́ òfin kan, kó jí sí ẹnu ọ̀nà lábẹ́ èkejì.

HbA1c náà bẹ́ẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ní 5.7 sí 6.4%. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé láti onírúurú orílẹ̀-èdè ní 2009 fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti 6.0. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí HbA1c ní 2011, 6.5% fún ìtọ̀ ṣúgà gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tíì tó láti fi òǹtẹ̀ lu ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fún ìdí yìí, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé wọ́n ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń béèrè pé ẹnu ọ̀nà ta ni.

---

Tíṣà Àgbà:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò lẹ́jẹ̀ tó, ó yé mi. Ṣùgbọ́n èmi lẹ́jẹ̀, hẹmoglóbíìnì mi jẹ́ 13.6. Kí ló wá lè ṣe HbA1c tèmi?

---

Ọmọ Láàbù:

Ẹ̀jẹ̀ lè tó, Bàbá, kí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì máa tètè kú, bí ara bá ń sáré rọ́pò wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni jẹ́nótáìpù yín? Ṣé oògùn kan ti mú kí ojú yín pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ata rodo àwọ̀ ìyeyè rí, tàbí kí ìtọ̀ yín dúdú?

---

Tíṣà Àgbà:

AA ni mí. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n fún mi ní oògùn kan tó ní sọ́lfà nínú. Ní ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ mi dà bí omi ẹ̀pà sísè tó ti ṣókùnkùn, ẹyinjú mi pọ́n bí òróǹbó. Wọ́n ní kí n má lò ó mọ́ láé. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún mi. Báwo lo ṣe mọ̀?

---

Ọmọ Láàbù:

Mi ò mọ̀, mo fura ni. Ohun tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe yẹn jọ ti ẹni tí G6PD rẹ̀ ò tó. G6PD ni èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí kò bá tó, àwọn oògùn kan lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì ká, kódà láwọn ọjọ́ tí kò sí oògùn náà, sẹ́ẹ̀lì kì í lo ọjọ́ rẹ̀ pé. Ìwádìí ńlá kan jáde ní 2017 lórí irú àìtó G6PD tó wọ́pọ̀ lára àwọn èèyàn tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Nínú àwọn ọkùnrin tó ní in, HbA1c fi bí 0.8 dín sí ti àwọn tí kò ní in. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára yín, 5.2 yín lè dúró fún nǹkan bíi 6.0. Ìyẹn á wá bá 119 mu.

Ẹ ṣàyẹ̀wò G6PD. Títí dìgbà náà, ẹ fi HbA1c sílẹ̀, ṣúgà gan-an ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n. 119 wà lẹ́nu ọ̀nà nínú ìwé méjèèjì tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn. Bí ẹ bá tún un ṣe tó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú, HbA1c ì báà jẹ́ 4. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC náà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lẹ́jẹ̀, aboyún àti ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ torí kíndìnrín, ọ̀nà kan náà ni kí wọ́n gbà. Ti AS ò le tó bẹ́ẹ̀, HbA1c ṣì wúlò fún wọn, bó tilẹ̀ lè fi díẹ̀ kéré.

---

Tíṣà Àgbà:

Màá ro ó. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé 5.2 yìí kiri bí ìwé ẹ̀rí. Kò rọrùn láti gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

---

Àbẹ̀kẹ́ (lẹ́yìn oṣù márùn-ún ó lé):

Ẹ̀gbọ́n, mo padà dé. Mo ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́sẹ̀ kejì. Ilé kan náà ni láàbù wà, ojú mi ni wọ́n ṣe gbé túùbù wọlé. Ṣúgà àárọ̀ jẹ́ 101. Lẹ́yìn omi gúlúkóòsì, 128. Fẹ́rítíìnì jẹ́ 7. Dókítà bẹ̀rẹ̀ oògùn irin, ó sì fún mi ní èyí tó ń dín nǹkan oṣù kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo lọ ṣe HbA1c fúnra mi, ó jẹ́ 5.4, mo yọ̀. Dókítà ní kí n má tíì yọ̀. Mo tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, hẹmoglóbíìnì ti jẹ́ 12.5, ó jẹ́ 5.7. Ó tún mú mi dààmú.

---

Ọmọ Láàbù:

Dókítà rẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ara á tú sẹ́ẹ̀lì tuntun jáde gìrìgìrì. Ọmọdé ni gbogbo wọn, ṣúgà ò tíì lẹ̀ mọ́ wọn, ni èsì fi wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ. 5.4 yẹn ò dúró fún ọ gẹ́gẹ́ bí 6.1 ò ṣe dúró fún ọ. Ó yẹ kí hẹmoglóbíìnì ti dúró sójú kan fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó o tó tún un ṣe. 5.7 ni mo gbà gbọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èsì rẹ báyìí: 101, 128, 5.7. 128 dára, torí 140 ni ẹnu ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìwé àwọn Amẹ́ríkà, 101 àti 5.7 ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé ni. Nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìta lo wà. Bó o bá tún 101 yẹn ṣe lọ́la, ó lè jẹ́ 96. Èmi á pè é ní ẹnu ọ̀nà, torí pé méjì nínú mẹ́ta tọ́ka síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ka sì yàtọ̀ síra. Dókítà mìíràn lè má pè é bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá a jà. Mi ò rí ìdí fún oògùn ṣúgà nínú nọ́ńbà wọ̀nyí, àmọ́ dókítà rẹ ló ni ìpinnu yẹn.

Tún ṣúgà àárọ̀ àti HbA1c ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ní láàbù kan náà, kí hẹmoglóbíìnì sì wà lórí ìwé kan náà. Bí nǹkan oṣù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, kọ́kọ́ ṣe fẹ́rítíìnì.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì:

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Tíṣà ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣe G6PD yẹn?

---

Tíṣà Àgbà:

Mo tún ṣúgà àárọ̀ ṣe, 121. G6PD, mo ti gba ìwé rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí n wá.